Bí mo ṣe yọ pásẹ́ǹtì 25 kúrò nínú ṣúgà kéèkì mi tí kéèkì ò sì di búrẹ́dì

Oníbàárà mi kan ní Igbógbò ló fẹ́ kéèkì fún ọjọ́ ìbí ìyá ẹ̀, ó ní "Àǹtí, màmá ní àwọn ò fẹ́ èyí tó dùn jù, ẹ bá mi dín ṣúgà ẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ kó má gbẹ o." Mo ní kò burú. Kéèkì bọ́tà tí mo máa ń ṣe nílé níbí ní Ìkòròdú náà ni mo lò: bọ́tà gíráàmù 250, fláwà 250, ẹyin márùn-ún, bákín páúdà ṣíbí tíì méjì, ṣúgà 200. Mo yọ 50 nínú ṣúgà, ó ku 150, ìyẹn ni pásẹ́ǹtì 25 yẹn. Ẹ fi skéèlì wọ̀n ọ́n o, torí ife ẹnìkan máa kún ju ti ẹlòmíì lọ, tí ẹ bá fojú díwọ̀n ẹ ò ní mọ iye tẹ́ ẹ yọ gan-an.

Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n rò pé adùn nìkan ni ṣúgà ń ṣe. Rárá o. Ṣúgà máa ń gba omi mọ́ra, kì í jẹ́ kí fláwà rí omi mu bó ṣe wù ú, ìyẹn ni kéèkì fi máa ń rọ̀. Tí ṣúgà bá dín kù, fláwà á mumi dáadáa, tí ẹ bá wá ń rò ó lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yi, á máa fà bíi búrẹ́dì. Torí náà mo fi mílíìkì olómi ṣíbí ìjẹun méjì kún un, mi ò sì fi fláwà dí àlàfo ṣúgà tí mo yọ, ìyẹn ló máa jẹ́ kó gbẹ. Bí mo ṣe da fláwà sí i, mo kàn fi ṣíbí pátákó yí i pọ̀ jẹ́jẹ́ títí mi ò fi rí funfun mọ́, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tó gba sùúrù ni pípo bọ́tà pẹ̀lú ṣúgà. Hóró ṣúgà ló ń ha bọ́tà tí atẹ́gùn fi ń wọnú ẹ̀, hóró ti wá dín kù báyìí, torí náà mo pò ó pẹ́ ju bí mo ṣe máa ń ṣe lọ, títí àwọ̀ ẹ̀ fi ṣí tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Bọ́tà gbọ́dọ̀ rọ̀ débi tí ìka á fi wọ̀ ọ́, àmọ́ kó má di òróró, ẹ sì mọ ooru tó wà ní Ìkòròdú yìí, tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ófúnù tẹ́ ẹ wá lọ gbé ìpè, epo lẹ máa bá, epo ò sì lè di atẹ́gùn mú.

Ti iná náà tún wà. Ṣúgà máa ń jẹ́ kí kéèkì pẹ́ kó tó dì nínú ófúnù, tó bá kéré á tètè dì kó tó wú tán, á wá sán lójú, àárín á yọ gọngọ. Mo gbé iná wálẹ̀ láti 180 sí 165. Ẹ má retí àwọ̀ búráùn o! Ṣúgà wà lára ohun tó ń fún kéèkì láwọ̀, tí ẹ bá dúró kó pọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ti gbẹ nìyẹn. Ohun tí mo wò ni bóyá etí ẹ̀ ti ń kúrò lára páànù, mo tẹ àárín ẹ̀ ó sì wú padà, mo fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un ó jáde láìsí ohun tútù lára ẹ̀.

Fún ìtọ́wò, mo ha èèpo ọsàn díẹ̀ sí i, àwọ̀ ìta nìkan o, torí funfun abẹ́ ẹ̀ korò, mo sì fi fàníílà kún ti tẹ́lẹ̀, òórùn wọn máa ń jẹ́ kí ẹnu rò pé ó dùn ju bó ṣe wà lọ. Iyọ̀ bíńtín náà máa ń gbé adùn jáde, àmọ́ bọ́tà tí mo rà ní Sábó ti níyọ̀ nínú, mi ò fi kún un. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ wò, ẹ jẹ́ kó tutù ná, torí ohun tó gbóná máa ń dùn ju bó ṣe máa rí tó bá tutù lọ.

Mo ṣe kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ tí mo dín ṣúgà ẹ̀ kù sí ìdajì, bí ìgbà téèyàn lo 100 dípò 200 fún odindi kéèkì, torí mo fẹ́ mọ ibi tó máa parí sí. Ó kúrú, ó ń rún, àwọn ọmọ fi tíì jẹ ẹ́. Ti 150 rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí náà bó ṣe tutù tán mo fi nylọ́ọ̀nù wé e, mo sọ fún oníbàárà mi pé kí wọ́n tètè jẹ ẹ́.

Ó gbà. Ló bá ní, "Àǹtí, áísìn ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín. Ṣúgà tó máa wà nínú áísìn tó máa bo kéèkì yẹn ju 50 tí mo fi gbogbo ìyọnu yìí yọ lọ fíìfíì. A fi ẹ̀pà sísun wọ́n ọn lórí.