Ìròyìn tó fara pamọ́ sínú àbá gbígbé owó

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi oníròyìn, bí ẹ bá ń lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, àbá tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú ìwé ètò ìpàdé ni èyí tó ń bèèrè àṣẹ láti gbé owó kúrò lórí ìnáwó kan lọ sórí òmíràn. Ariwo kì í sábà pọ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé àròpọ̀ ìṣúná kò yí padà, wọ́n sì lè kó o pọ̀ mọ́ àwọn àbá kéékèèké tí wọn yóò dìbò fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ká sọ pé àbá náà gbé mílíọ̀nù 40 kúrò lórí gọ́tà lọ sórí ọkọ̀ ìjọba. Ẹ ṣí ìṣúná tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀ ọdún: bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù 50 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà, mílíọ̀nù 10 péré ló ṣẹ́ kù, ibẹ̀ gan-an sì ni ìròyìn yín wà, kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ gígùn tí alága sọ. Ẹ wá bi akápò bóyá iṣẹ́ náà ti parí pẹ̀lú owó tó kéré, tàbí wọn kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ìròyìn tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan yóò bí yàtọ̀ pátápátá.

Bí ó bá jẹ́ ohùn ẹnu ni wọ́n fi dìbò, àkọsílẹ̀ ìpàdé lè má dárúkọ ẹni tó lòdì sí i. Ẹ bi àwọn káńsẹ́lọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó túká.