Ẹ to fọ́tò mọ́tò tó bàjẹ́ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì

Ẹ̀yin ará, tí wọ́n bá kọ lu mọ́tò yín lẹ́yìn, ẹ má kó gbogbo fọ́tò dà lé ìnṣọ́ránsì lórí, ẹ tò ó. Èyí tí nọ́ńbà mọ́tò àti ibi tó bàjẹ́ jọ wà nínú ẹ̀ ni kó ṣíwájú, òun ló máa fi hàn pé mọ́tò yín nìyẹn. Ìkejì, kó fi ibi tí ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí hàn, bíi látorí bọ́ńpà dé bùútù. Ìkẹta ni ti ìtòsí, kẹ́ ẹ gbé téèpù táwọn télọ̀ ń lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí láìsí ìyẹn, ibi tó ya ní sẹ̀ǹtímítà 30 á kàn dà bí ibi tí nǹkan ha lásán. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ̀ lójú fóònù tí etí ibi tó ya ò hàn dáadáa, ẹ yọ ọ́ kúrò lára èyí tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ (ẹ má pa á rẹ́ o!). Tó bá jẹ́ Wasáàpù ni, ẹ fi ránṣẹ́ bíi "Document" kó má baà ṣú. Ṣùgbọ́n fọ́tò ò lè rí ṣáásì tó tẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí panẹbítà fọwọ́ kàn án kí ẹni tí ìnṣọ́ránsì rán tó wá yẹ̀ ẹ́ wò.