Bí mo ṣe fi rílè so Àdúínò mọ́ gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ l'Ádó-Èkìtì

Gílóòbù ẹ́líídì 9 W kan ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà. Mo fẹ́ kí Àdúínò Nánò, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan, máa tàn án lálẹ́, kó sì máa pa á nídàájí. 5 V ni pínnì Nánò ń gbé jáde, 230 V ni gílóòbù ń lò, rílè, ìyẹn súìṣì tí iná kékeré ń tàn tó sì ń pa, ni yóò sì dúró láàárín àwọn méjèèjì.

Bọ́ọ̀dù rílè olójú méjì ni mo lò, irú èyí tí rílè búlúù orí rẹ̀ ní SRD-05VDC-SL-C lára. Kọ́ìlì inú rílè yìí tó nǹkan bí 70 Ω. Tí a bá fún un ní 5 V, yóò fa nǹkan bí 71 mA. Pínnì Nánò kan kò gbọdọ̀ kọjá 40 mA rárá, 20 mA ló sì dára kéèyàn fi mọ. Ìdí nìyí tí a kì í fi so kọ́ìlì mọ́ pínnì tààrà. Tìránsísítọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù ló ń gbé ẹrù kọ́ìlì, ọpitokọ́pílà, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àṣẹ kọjá láìsí pé wáyà so pọ̀, ló sì ń pàṣẹ fún tìránsísítọ̀ náà. Nǹkan bí 2 mA péré ni iṣẹ́ tó kù fún pínnì.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọpitokọ́pílà yìí ló ń dènà 230 V kó má baà dé ọ̀dọ̀ Nánò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rílè fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn, nítorí kọ́ìlì rẹ̀ àti ètè tó ń so iná pọ̀ kò fara kanra. Agbára òòfà nìkan ló ń kọjá láàárín wọn. Ohun tí ọpitokọ́pílà ń yà sọ́tọ̀ ni Nánò àti kọ́ìlì. Kò sì lè yà wọ́n tí jọ́mpà kékeré tó so VCC, ẹnu iná ọpitokọ́pílà, mọ́ JD-VCC, ẹnu iná kọ́ìlì, bá ṣì wà níbẹ̀, torí iná kan náà ni àwọn méjèèjì á máa mu.

Mo yọ jọ́mpà náà. Mo so VCC mọ́ 5V Nánò, mo so IN1 mọ́ D7. Lẹ́yìn náà ni mo mú ṣájà fóònù kejì, mo so rere rẹ̀ mọ́ JD-VCC, mo sì so òdì rẹ̀ mọ́ GND tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò so GND Nánò mọ́ bọ́ọ̀dù náà rárá. Ó máa ń ya àwọn tó bá kọ́kọ́ rí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n iná ọpitokọ́pílà ń ti VCC wọlé, ó sì ń gba IN1 padà sínú Nánò. Kò nílò ọ̀nà mìíràn. Ṣájà kan tó ní ihò méjì kò ṣe é lò fún èyí o, GND kan náà ni ihò méjèèjì ń pín.

Kí iná kankan tó wọlé, mo fi mítà wọn GND Nánò pẹ̀lú GND ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì, ó kọ OL, ìyẹn ni pé wọn kò so pọ̀. Mo wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pẹ̀lú COM, NO àti NC, ìyẹn ẹnu mẹ́ta tó wà ní ẹ̀gbẹ́ 230 V rílè, OL náà ni. Tí mítà bá ké níbikíbi nínú èyí, wáyà kan ti ṣìnà. Kò sí ìdí láti tẹ̀síwájú.

Bọ́ọ̀dù yìí máa ń tan rílè nígbà tí IN1 bá wà ní LOW. Bí a kò bá kíyè sí i, gílóòbù á tàn fẹ́ẹ́ nígbàkígbà tí Nánò bá tún bẹ̀rẹ̀. Mo gbé HIGH síbẹ̀ ṣáájú kí pínnì tó di ẹnu ọ̀nà ìjáde:

```
digitalWrite(7, HIGH);
pinMode(7, OUTPUT);
```

Dáyóòdù ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì ló kàn. Nígbà tí tìránsísítọ̀ bá gé iná kọ́ìlì, 71 mA tó ń sàn níbẹ̀ kò gbà láti dúró lójijì. Kọ́ìlì á gbé fóltì rẹ̀ ga fíofío láti máa wá ọ̀nà, tìránsísítọ̀ ló sì máa jìyà rẹ̀. Dáyóòdù náà ni ọ̀nà tí a fún un, kí iná náà lè máa yípo nínú kọ́ìlì títí á fi kú. Ìlà tó wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí JD-VCC. Tó bá yí padà, gbàrà tí rílè bá fẹ́ tàn ni iná á gba inú dáyóòdù kọjá, tìránsísítọ̀ á sì jó. Má ṣe gbára lé mítà láti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó ṣì wà lórí bọ́ọ̀dù: 70 Ω kọ́ìlì ni mítà á rí lọ́nà méjèèjì. Ojú ni mo fi wo ìlà rẹ̀.

Nígbà tí rílè ti ń ró kọ̀, kọ̀ dáadáa láìsí 230 V rárá, mo wá kọjú sí iná ilé. Mo pa bírékà, mo sì fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò. Iná tí kò sí nílùú kọ́ ni iná tí a pa. Ó lè dé nígbà tí ọwọ́ ṣì wà lórí wáyà. Wáyà láìfù gba inú fíúùsì 1 A lọ sí COM, láti NO ó lọ sí gílóòbù, níútírà sì lọ sí gílóòbù tààrà. Tí a bá gé níútírà dípò láìfù, gílóòbù á kú, ṣùgbọ́n iná á ṣì wà nínú ìdí rẹ̀, á sì gbé ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Tẹ́sítà ni mo fi mọ láìfù, kì í ṣe àwọ̀ wáyà, nítorí wọ́n máa ń yí i padà nínú ilé míì.

Ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ni ewu pọ̀ sí. Ibi tí wọ́n jó COM àti NO mọ́ máa ń yọ ṣóńṣó síta, 230 V sì wà lórí wọn. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀rá gbé bọ́ọ̀dù kúrò nílẹ̀ àpótí ọ̀rá, mo sì rí i pé kò sí wáyà kékeré kankan tó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn tó 8 mm.

Rílè náà ní 10 A 250VAC lára, gílóòbù 9 W kan kò sì fà tó 0.1 A. Ṣùgbọ́n kapásítọ̀ inú gílóòbù ẹ́líídì máa ń gbé iná mì lẹ́ẹ̀kan náà bó ṣe ń tàn. Ẹni tó bá kó ogún irú rẹ̀ sórí rílè kan lè rí i pé ètè rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra: rílè á ró, gílóòbù kò ní kú. Pa bírékà, wọn COM àti NO. Tí mítà bá ké, ó ti lẹ̀.

Bó bá jẹ́ gílóòbù gígùn aláṣóòkù ni, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ṣóòkù náà ní kọ́ìlì, òun náà á tapá nígbà tí ètè bá ṣí, iná á ta pàrà láàárín ètè, Nánò sì lè tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dáyóòdù kò wúlò níbí, nítorí iná ilé ń lọ, ó sì ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Dáyóòdù á kàn di ọ̀nà àbùjá, fíúùsì á sì fò. Rẹsísítọ̀ 100 Ω àti kapásítọ̀ 100 nF tí wọ́n kọ X2 sí lára, tí a so tẹ̀lé ara wọn, ni a máa ń lò. Ibi tí láìfù àti níútírà ti wọ gílóòbù náà àti ṣóòkù rẹ̀ ni kí a so ó mọ́, kì í ṣe ètè rílè. Lórí ètè, nǹkan bí 7 mA á máa jò kọjá nígbà tí rílè bá ṣí, tí a bá sì wá fi ẹ́líídì rọ́pò gílóòbù yẹn lọ́jọ́ kan, á máa ṣẹ́jú lóru. Mi ò fi nǹkan kan sí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, nítorí ẹ́líídì rẹ̀ kò ní ṣóòkù.