Ìṣẹ́jú 5 tó di ìṣẹ́jú 1: bí mo ṣe gé ọ̀rọ̀ ìfihàn lórí ìjókòó

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi fi olùbánisọ̀rọ̀ hàn fáwọn èèyàn. Mo dìde dúró nínú yàrá, mo kà á sókè, mo fi fóònù ṣọ́ àkókò rẹ̀: ìṣẹ́jú 5 géérégé, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 700. Nígbà tí yóò fi kàn mí lọ́jọ́ náà, ètò ti fi ìṣẹ́jú 55 pẹ́. Àwọn tó jẹ àkókò ọ̀hún kò sì sí nínú ìwé ètò rárá. Ẹnì kan nínú wọn gba máìkì, ó ní òun kò ní gbà wá lákòókò, ó wá fi ìṣẹ́jú 14 ṣàlàyé ìdí tí òun kò fi ní gbà wá lákòókò. Mo ṣọ́ ọ lójú aago.

Dókítà etí ni àlejò wa, ìyá àgbà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó wà níjòókòó jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń dúró ti ẹ̀rọ aláriwo. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n kọ́kọ́ fún Màmá láti sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń kọ ìfihàn látìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ni bí a ṣe ń gé e nígbà tí èèyàn mẹ́ta ṣì ń sọ̀rọ̀ níwájú, tí bírò kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ ẹni, tí itan ẹni sì di tábìlì.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tèmi ni. Atọ́kùn ètò tẹ̀ mọ́ etí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá wa dín in kù díẹ̀." Mo ní kò burú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé, mo gé e títí ó fi ku bí ìdajì, mo jókòó bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ńlá. Ó padà wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan: "Àǹtí, ṣé ìṣẹ́jú kan yẹn á tó yín?" Ìṣẹ́jú kan wo? "Díẹ̀" tirẹ̀ àti "díẹ̀" tèmi kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìgbà yẹn ni mo wá bi í ní ohun tó yẹ kí n ti bi í: ìṣẹ́jú mélòó ló kù fún Màmá, ṣé ìbéèrè àti ìdáhùn wà nínú rẹ̀, mélòó sì ni tèmi gan-an? Ó ní ogún ìṣẹ́jú ló kù fún wọn pẹ̀lú ìbéèrè, èmi sì ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ohun tí mo ti gé tẹ́lẹ̀ di àtúnṣe.

Mo tún gbé bírò. Àwọn ilé ìwé àti ọdún tí wọ́n jáde níbẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ tí wọ́n wà tẹ̀ lé e, kò sì dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ìpínrọ̀ kan tí mo fẹ́ràn jù, níbi tí mo ti ṣàlàyé pé bí ariwo bá ti tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lóòjọ́, ó yẹ kí èèyàn ti máa dáàbò bo etí rẹ̀. Mo wò ó, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ tí Màmá fẹ́ fẹnu ara wọn sọ ni mo fẹ́ gbà sọ yẹn. Kódà bí àkókò bá pọ̀ bí omi òkun, kò yẹ kó wà nínú ìfihàn. Mo fà á nù. Ìtàn gígùn kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nípa ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan tí Màmá ti ń yẹ etí àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ó tó ìṣẹ́jú kan fúnra rẹ̀, nítorí náà mo fa ilà sí i lórí. Ẹ rántí ìtàn yẹn o.

Wàyí o, ibi tí iṣẹ́ ti há nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá Màmá ṣiṣẹ́ rí mi bí mo ṣe ń fa ilà. Ó tọ̀ mí wá, ó fọwọ́ kan kanlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e o. Bí ọ́fíìsì wa ṣe kọ ọ́ ni kí ẹ kà á." Ló bá yọ ojú ìwé méjì jáde nínú fáìlì. Kì í tilẹ̀ ṣe èyí tí mo kọ! Tiwọn ni, gbogbo oyè, gbogbo àmì ẹ̀yẹ, láti orí dé ìrù. Mo ní, àbúrò, ètò ti pẹ́. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn lọ kẹ́yìn, wọ́n fo oyè kan, inú àwọn ará ọ́fíìsì kò dùn. Mo ní ṣé inú Màmá ló bàjẹ́ ni àbí inú ọ́fíìsì? Kò dá mi lóhùn. Ó tún fi ìka tọ́ka sí ìlà kejì: "Ó kéré tán, ẹ ka ibí yìí dé ibí yìí." Ibí yìí dé ibí yìí, ojú ìwé kan àbọ̀ ni.

A fa ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú 11, nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú 11 yẹn ló yẹ kí n fi tún gbólóhùn mi tò. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ẹ̀ gbé máìkì fún un kó lọ kà á fúnra rẹ̀. Ìṣirò ló gbà mí sílẹ̀. Mo sọ fún un pé nínú ìṣẹ́jú 45, ìṣẹ́jú 5 mi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Nínú 20, ó ti di ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́rin àkókò ọ̀gá ẹ ka oyè ọ̀gá ẹ?" Ó dákẹ́. Ó ní kí n bi Màmá fúnra wọn.

Àwọn Màmá sì wà ní ìjókòó iwájú, kò sí bí mo ṣe lè débẹ̀ láìgba iwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kọjá. Mo ya bébà kékeré kan, mo kọ ọ́ sí i pé: "Ẹ kú ìjókòó, mà. Ìṣẹ́jú 45 yín ti di 20, ìbéèrè wà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 1 ni mo ní. Kí ni ẹ kò fẹ́ kí n fò?" Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló bá mi fi jíṣẹ́. Ìdáhùn padà dé ní ìlà kan: "Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Fi ìyókù sílẹ̀."

Ìtàn tí mo ti fa ilà sí lórí! Ká ní mi ò béèrè ni, Màmá ì bá dìde, wọn ì bá ní "ilé iṣẹ́ tí wọ́n sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan," àwọn èèyàn ì bá sì máa wojú ara wọn. Oyè tí ọ́fíìsì ń torí ẹ̀ bá mi jà, Màmá kò dárúkọ ọ̀kan. Wọ́n tún ti wá mọ̀ pé ogún ìṣẹ́jú ló kù, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún wọn. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé wọn tí wọ́n ń yọ ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn sápá kan.

Mo kọ gbólóhùn ìparí ṣáájú, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí orúkọ tó wà níbẹ̀ ló ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́, tó sì ń sọ fún àlejò pé kó dìde. Bí àkókò bá tún há mọ́ mi lórí ìdúró, àárín ni màá fò, mi ò ní fò ìparí. Lẹ́yìn náà ni mo kó ìtàn gígùn yẹn sínú gbólóhùn kan. Ohun tí mo kà nìyí:

"Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń dúró ti ẹ̀rọ aláriwo láti àárọ̀ dalẹ́, a sì ti gbà pé bí etí bá ń dún lẹ́yìn iṣẹ́, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Dókítà etí ni wọ́n. Odidi ọdún 3 ni wọ́n fi ń lọ sí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan, tí wọ́n ń yẹ etí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n rí nínú ìwádìí kejì yìí ni wọ́n gbé wá fún wa lónìí, wọ́n pè é ní 'Kí Etí Tó Di'. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún…" Mo wá dárúkọ wọn.

Ẹ rí "ìwádìí kejì yìí"? Ta ló gbọ́ nípa èkíní? Ìpínrọ̀ tó sọ̀rọ̀ èkíní ti bá bírò lọ. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi, ṣùgbọ́n kò sí ọmọlúàbí tó lè fi inú mọ ìwádìí tí n kò dárúkọ. Ọkùnrin kan níwájú tilẹ̀ gbé ìka méjì sókè sí ẹnì kejì rẹ̀. Ojú oríkèé, níbi tí ohun tó ṣẹ́ kù ti pàdé lẹ́yìn tí a gé àárín rẹ̀ kúrò, ni gígé ti ń tú àṣírí ara rẹ̀: "ìyẹn," "náà," "kejì," "nítorí bẹ́ẹ̀," gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń tọ́ka sẹ́yìn. Mo ti fi ẹnu jẹ́ẹ́ ka oríkèé méjì yòókù wò, mo sì ti rí "ìdí nìyẹn" kan tí kò ní ìdí mọ́. Èyí tó kù, ìṣẹ́jú 11 ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n yin ara mi. Mi ò sáré sọ̀rọ̀, bí mo ṣe ń kà á nílé náà ni mo ṣe kà á níbẹ̀. Mi ò sì sọ pé "nítorí àìsí àkókò." Ẹni tó bá sọ ọ́ ti ná ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láti fi kéde pé kò sí owó lápò, ojú á sì ti àlejò bí ẹni tó wá gba ìyókù. Láti ìgbà tí mo fọwọ́ kan máìkì dé ìgbà tí àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, fóònù mi ka ìṣẹ́jú àáyá 44. Màmá gun orí pèpéle, gbólóhùn wọn àkọ́kọ́ ni: "Ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ yẹn…"

Ẹnikẹ́ni kò yìn mí o. Ẹni tó wá dúpẹ́ níparí ètò fi ìṣẹ́jú 9 dúpẹ́.

Bí wọ́n bá tún pè mí, mẹ́ta ni màá kọ láti ilé: ti ìṣẹ́jú 5, ti ìṣẹ́jú 2, àti ti ìlàjì ìṣẹ́jú, kálukú lórí bébà tirẹ̀, kí oríkèé má bàa sí. Ìbéèrè tí mo kọ sórí bébà kékeré yẹn, orí fóònù ni màá ti bi olùbánisọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ti ọ́fíìsì ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe.

Lẹ́yìn ètò, ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́ yẹn tún wá bá mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé tí ẹ fa ilà sí yẹn, ká lè máa lò ó." Mo jẹ́ kó yà á ní fọ́tò. Ìwé ọ̀hún wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti fi bírò pupa yí "kejì" ká.