Ẹ Má Sáré Fíìmù Tó Ń Rìn Jẹ́jẹ́

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Tanke wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, fíìmù tí wọ́n ń yìn káàkiri yìí, gbogbo dátà mi ni mo fi dáńlóòdù ẹ̀, ogún ìṣẹ́jú ni mo fi wò ó tí oorun fi gbé mi lọ." Mo ní èwo ni. Ó ní Sátántangó. Inú bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí òun. Ẹni tó júwe rẹ̀ fún un ni mo bínú sí.

Àṣìṣe kìíní tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo fíìmù jẹ́jẹ́ máa ń ṣe nìyẹn: èyí tó gùn jù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Fíìmù tí Béla Tarr ṣe lọ́dún 1994 yìí lé ní wákàtí 7. Màlúù ló fi bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń rìn gbéregbère nínú ẹrẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 7, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀. Èmi náà ti fi pe ọ̀rẹ́ mẹ́ta sílé rí, gbogbo wọn ló jẹ́ ẹni tí fíìmù ìjà ti mọ́ lára. Mo ra epo sí jẹnẹrétọ̀, mo ra wàrà. Kí wákàtí kan tó pé, ọ̀kan ti ní ìyàwó òun ń pè, èkejì ti ń hanrun, ìkẹta ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Ó tó ọdún kan kí wọ́n tó tún jẹ́ ìpè mi. Fíìmù tí kò tó wákàtí kan ààbọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kó sì jẹ́ èyí tí ẹnì kan ń wá nǹkan kan ṣáá, tí àkókò ń lọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èkejì: ẹ má wò ó lẹ́yìn àmàlà alẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ariwo. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́yìn fèrèsé, ìbọn inú fíìmù ìjà á borí rẹ̀. Àmọ́ nínú fíìmù jẹ́jẹ́, ajá tó ń gbó lókùnkùn àti atẹ́gùn tó ń gbá ilẹ̀kùn ló ń dẹ́rù bani, àwọn gan-an sì ni jẹnẹrétọ̀ máa ń bò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti múná lọ, ẹ ki íápíìsì bọ etí.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ti àwọn tó ń tẹ 1.5x kí fíìmù lè yára. Ẹ jẹ́ ká mú Where Is the Friend's House? tí Abbas Kiarostami, ọmọ Ìráànì, ṣe lọ́dún 1987. Olùkọ́ ti kìlọ̀ fún ọmọ kan pé bí kò bá tún kọ iṣẹ́ àmúrelé sínú ìwé rẹ̀, òun á lé e. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ahmad, tí wọ́n jọ jókòó, ṣèèṣì kó ìwé ọ̀hún mọ́ tirẹ̀ lọ sílé. Abúlé mìíràn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé, kò mọ ilé rẹ̀, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn bọ́ǹbù tó ń ka aago, bọ́ǹbù yín rèé!

Gbogbo ohun tó ń dá ọmọ náà dúró, àgbàlagbà ni. Ìyá rẹ̀ ń rán an níṣẹ́ lórí iṣẹ́. Bàbá àgbà rẹ̀ ní kó lọ gbé sìgá wá, bẹ́ẹ̀ sìgá wà lápò rẹ̀; ó ní òun fi ń kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ni. Nígbà tó yá, bàbá arúgbó kan tó ti ń ṣe ilẹ̀kùn láti ọjọ́ pípẹ́ ní òun á mú un délé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bàbá ń rìn tìkẹ̀tìkẹ̀, ó ń sọ ìtàn àwọn ilẹ̀kùn tó ti ṣe, ó tún dúró nídìí omi. Ahmad kò lè ní kó yára. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ ibi tí bàtà yẹn ti ń ta ni lẹ́sẹ̀? Ìrìn bàbá yìí gan-an ni aago bọ́ǹbù náà. Bí ẹ bá tẹ 1.5x, arúgbó á máa rìn bí ọ̀dọ́, ìpayà ọmọ á sì pòórá. Ẹ̀yin lẹ pa aago yín, ẹ wá ń ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Mo fi ìrìn bàbá yẹn han ọ̀dọ́mọkùnrin ará Tanke yìí lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ Sátidé. Ní 1.5x, ó ń wo àjà. Nígbà tí mo dá a padà sí 1x, tí mo sì gba fóònù ọwọ́ rẹ̀, mo rí i tó tẹ̀ síwájú lórí àga, tó di orúnkún mú. Ó ní, "Há, bàbá yìí, ẹ gbé ẹsẹ̀ ńlẹ̀ ná!" Mo mọ̀ pé ó ti wọlé. Bí èjìká yín bá le nígbà tí ẹnì kan ń rìn lásán, ẹ ti ń wò ó bó ṣe yẹ.

Kì í ṣe gbogbo fíìmù jẹ́jẹ́ ló ní aago o. Tokyo Story tí Yasujirō Ozu ṣe lọ́dún 1953 kò ní rárá: òbí méjì tó ti darúgbó rìnrìn àjò lọ kí àwọn ọmọ wọn, ọwọ́ àwọn ọmọ sì dí. N kò tíì fún ọ̀dọ́mọkùnrin ará Tanke níyẹn. Ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ tún ti Ahmad wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí bàbá òun náà wá bá òun wò ó.