"Ọdún Méjì Ni Owó Yín Máa Padà": Àṣìṣe Tí Ẹ Ń Ṣe Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá oníbúrẹ́dì kan lójú ọ̀nà Ọ̀dà, níbí ní Àkúrẹ́, na ìwé kan sí mi. Wọ́n ya ojú ewé náà lára ìwé ọmọ iléèwé ni, ìyẹ̀fun sì ti funfun sí etí rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ààrò fún wọn ló ṣírò síbẹ̀: ₦4,000,000 ni ààrò, ₦2,000,000 ni yóò máa mú wọlé lọ́dọọdún, ọdún méjì lowó padà. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ "ọdún méjì" yẹn. Màmá ní, "Àkántáǹtì, ṣé kí n sanwó?" Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣì dúró. Inú bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí wọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù lójú mi, owó àwọn èèyàn ló sì ń bá a lọ.

Àṣìṣe kìíní: ẹ má ka owó tí ẹ ti ń pa tẹ́lẹ̀ mọ́ ti ẹ̀rọ tuntun.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, mo ra ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan ní ₦840,000 sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ní nítòsí FUTA. Mo rò ó pé ₦60,000 ni ṣọ́ọ̀bù yóò máa mú wọlé lóṣù lẹ́yìn ìnáwó, nítorí náà oṣù mẹ́rìnlá lowó mi padà. Ohun tí n kò yọ ni pé ẹ̀rọ àtijọ́ ti ń mú ₦35,000 wá nínú rẹ̀. ₦25,000 péré ni ti ẹ̀rọ tuntun, ìyẹn sì sọ oṣù mẹ́rìnlá di oṣù mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kí n tó mọ̀, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, wọn kò sì dá a dúró títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ ni n kò fi rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń da ìwé kọ. Ìyanṣẹ́lódì kọ́ ló kọ́kọ́ pa mí lára, ìṣirò tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni.

Ohun tí ẹ máa bi ara yín ni pé: bí n kò bá ra ẹ̀rọ yìí, èló ni yóò máa wọlé? Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí yóò wọlé bí ẹ bá rà á. Èyí tó ṣẹ́ kù nìkan ni owó ẹ̀rọ.

Àṣìṣe kejì ló ń dùn mí jù: ẹ má fi ìgbà tí owó máa padà nìkan yan ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ màmá. Mo wò ó bóyá owó ààrò àtijọ́ wà nínú ₦2,000,000 tó wà nínú ìwé yẹn, kò sí níbẹ̀; ti ààrò tuntun ni gbogbo rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè, wọ́n ní irú ààrò bẹ́ẹ̀ kì í lò ju ọdún mẹ́ta lọ kó tó di irin àlòkù. Òmíràn wà tó jẹ́ ₦7,500,000, tí yóò mú ₦3,000,000 wọlé lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́fà. Ọdún méjì àbọ̀ ni owó tiẹ̀ yóò fi padà. Bó bá jẹ́ pé ìgbà ìpadà owó nìkan là ń wò, ti àkọ́kọ́ ló wọlé.

Àmọ́ ìṣirò yẹn ka náírà ọdún tó ń bọ̀ sí náírà òní. Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ dé 27.5% ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, báńkì tó ń yá oníṣòwò lówó sì máa ń bu tiẹ̀ lé e. Màmá ní 30% ni báńkì àwọn sọ. Ó túmọ̀ sí pé ₦100 òní yóò di ₦130 lọ́dún kan sí i, nítorí náà ₦130 tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kò ju ₦100 òní lọ. Ẹ máa fi 1.3 pín owó ọdún kìíní lẹ́ẹ̀kan, owó ọdún kejì lẹ́ẹ̀mejì, owó ọdún kẹta lẹ́ẹ̀mẹta.

Ti ààrò kékeré: ₦2,000,000 ọdún kìíní di ₦1,538,000, ti ọdún kejì di ₦1,183,000, ti ọdún kẹta di ₦910,000. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ₦3,632,000 lọ. Ẹ yọ ₦4,000,000 tí ẹ san, ẹ ti pàdánù nǹkan bí ₦368,000. Ààrò tí "owó rẹ̀ padà lọ́dún méjì" ti jẹ yín lówó! Ti ààrò ńlá, bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó jẹ́ nǹkan bí ₦7,928,000. Ẹ yọ ₦7,500,000, ₦428,000 ló ṣẹ́ kù. Iye òní tó ṣẹ́ kù yìí ni kí ẹ fi ṣe ìpinnu. Bó bá ju òdo lọ, ẹ rà á. Bí kò bá tó, ẹ fi í sílẹ̀. Ìgbà ìpadà owó wúlò fún ohun kan ṣá: ó ń sọ bí owó yín yóò ṣe pẹ́ tó nínú ewu. Kò sọ bóyá ẹ jèrè.

Ẹ̀kẹta, ẹ má da owó òní pọ̀ mọ́ èlé ọ̀la. Inú 30% yẹn ni báńkì ti ka ọ̀wọ́n gógó tó ń bọ̀ mọ́. Bí ẹ bá wá kọ ₦2,000,000 kan náà sí gbogbo ọdún, bí ẹni pé búrẹ́dì kò ní wọ́n sí i, ẹ ti fìyà jẹ ẹ̀rọ láìṣẹ̀. Mo dán an wò: bí owó tó ń wọlé bá ń fi 15% gòkè lọ́dọọdún, ààrò kékeré náà á fi nǹkan bí ₦103,000 ju òdo lọ. Mo bi màmá, wọ́n ṣí ìwé ìtajà wọn, wọ́n fi ìka tọ́ ọ: gbogbo ìgbà tí wọ́n fi owó lé búrẹ́dì, ìyẹ̀fun àti dísẹ́ẹ̀lì ló gbé e lọ, ohun tó ń kù fún wọn kò yí padà. Ìdí nìyẹn tí a fi jẹ́ kí ₦2,000,000 dúró bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òwò ló rí bẹ́ẹ̀ o, ẹ wo ìwé tiyín.

Ẹ ka owó ọkọ̀, owó ìpìlẹ̀ kọnkéré àti owó ẹni tó máa gbé e kalẹ̀ mọ́ iye ẹ̀rọ.

Ẹ má máa yọ owó gbígbó tí ẹ̀rọ ń gbó lọ́dọọdún; ẹ ti san án lọ́jọ́ tí ẹ rà á.

Ẹ̀yin tó ń lo Excel, ẹ gbọ́ o. NPV inú rẹ̀, tó ń ṣírò iye òní, máa ń gbà pé owó àkọ́kọ́ tí ẹ tò síwájú òun ti ìparí ọdún kìíní ni. Bí ẹ bá kó owó ìrà sínú àkámọ́ pẹ̀lú èyí tó kù, á dín òun náà kù. Kò ní sọ àdánù di èrè, ṣùgbọ́n iye tó máa fún yín kò ní péye: ₦428,000 ti ààrò ńlá á di nǹkan bí ₦329,000. Bí owó ìrà bá wà ní B2 pẹ̀lú àmì ìyọkúrò níwájú rẹ̀, tí owó ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wà láti B3 dé B8, báyìí ni kí ẹ kọ ọ́:

```
=NPV(0.3,B3:B8)+B2
```

Màmá kò tíì san kọ́bọ̀. Ohun tó ń dà wá láàmú báyìí ni ọdún kẹfà. Bí ààrò ńlá bá kú lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ₦428,000 yẹn á di àdánù nǹkan bí ₦193,000. Oníbúrẹ́dì kan ní ìlú Oǹdó ti ń lo irú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a ó sì lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé. A kò ní bi wọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọdún wo ló kọ́kọ́ bàjẹ́, kí ló bàjẹ́, èló sì ni wọ́n fi tún un ṣe: ohun tí màmá ti kọ sẹ́yìn ìwé oníyẹ̀fun yẹn nìyẹn.