Bí Mo Ṣe Mú Kí Àkọlé Orin Hàn Nínú Àwòrán Kékeré

Àbúrò mi ló kọrin, èmi ló ní kí n ṣe àwòrán iwájú rẹ̀. Àkọlé: Ọ̀SÁN ẸTÌ. Lórí kọ̀ǹpútà, ní píksẹ́lì 3000 níbùú àti lóròó, ó rẹwà. Àfi ìgbà tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ kọ síbẹ̀ yìí?" ni mo tó dín in kù sí 64 wò. Lẹ́tà tín-ín-rín tó ga ní 200 kò ju píksẹ́lì mẹ́rin lọ mọ́. Àmì abẹ́ Ọ ti lẹ̀ mọ́ orí Ẹ tó wà nísàlẹ̀, ó dà bí eruku.

Mo yọ lẹ́tà ológe yẹn, mo fi èyí tó nípọn sí i, mo gbé e ga dé 600, ọ̀rọ̀ kan lórí ìlà kan. Mo fi àlàfo 280 sáàárín ìlà méjèèjì kí àmì má baà fara kanra. Lẹ́tà yẹ́lò ò hàn lórí sánmà aláwọ̀ ọsàn, mo bá sọ sánmà di aró dúdú.

Orúkọ àbúrò mi ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Mo fi í sókè, kékeré, torí ìkànnì orin máa ń kọ orúkọ olórin sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Ó fajú ro. Mo na fóònù síwájú rẹ̀, ó kà á: "Ọ̀sán Ẹtì."